Ẹ Yí Ẹ̀yìn Aṣọ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó Fáléntáìnì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ kí ohùn mi dé òdìkejì ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí ojú mi bá rí ni mo máa ń sọ, àfi pé ojú mi ń rí nǹkan púpọ̀, torí pé fèrèsé yàrá mi ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá máa gbé nǹkan wọ agbo ilé wa yìí, iwájú mi ni yóò gbé e gbà. Kì í ṣe ẹ̀bi mi, ẹni tó kọ́ ilé ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Fáléntáìnì tó kọjá, Bọ̀dá mẹkáníìkì gbé ọ̀rá pupa kan wọlé lálẹ́, wọ́n ya ọkàn sí i lára, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn ló kọ́kọ́ wọlé kí àwọn fúnra wọn tó dé. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Bọ̀dá." Wọ́n ní, "Àǹtí, àdìrẹ ni mo rà fún ìyàwó mi. Yáàdì márùn-ún gbáko!" Mo ní ó dára, Ọlọ́run á fi kún àpò yín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ìyàwó tí à ń sọ yìí, ọmọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí ni. Aláró ni ìyá rẹ̀, aláró ni ìyá ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni èékánná ọmọ náà ti dúdú. Kí ló wá gbé ọkùnrin lọ ra àdìrẹ fún ọmọ aláró láì mú ẹnikẹ́ni dání?

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló mú aṣọ náà lọ sábẹ́ gílóòbù tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó tú u, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn aṣọ funfun báláú! Ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àdìrẹ. Fọ́tò àdìrẹ ni."

Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́ láti ojú fèrèsé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, torí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ máa ra nǹkan fún ìyàwó, ọkọ, ìyá tàbí ọ̀rẹ́ lóṣù kejì yìí, bí wọ́n ṣe máa ta á fún yín náà nìyẹn. Àdìrẹ ti di ẹ̀bùn tí gbogbo ènìyàn ń wá, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ aṣọ nílẹ̀ òkèèrè sì ti mọ̀. Wọ́n ya iṣẹ́ ara àdìrẹ wa, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n kó o wá tà fún wa nílé. Nígbà tí ìbínú ọmọ aláró yìí rọlẹ̀, tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, ó ṣàlàyé ohun tó wò lára aṣọ náà fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn aṣọ ló kọ́kọ́ wò. Inú ìkòkò aró ni wọ́n ń ri àdìrẹ gidi sí látòkè délẹ̀, aró á wọ inú òwú, kò sí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe lè funfun. Èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, ojú kan ni àwọ̀ sábà máa ń wà. Tí ó bá jẹ́ kàǹpàlà ni, ìyẹn èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, torí pé àbẹ́là gbígbóná máa ń la aṣọ já. Oníko tí wọ́n fi okùn dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ náà bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́kọ nìkan ló ń da ojú rú. Láfún ni wọ́n máa ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ kun ún sí ojú kan ṣoṣo lára aṣọ. Wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ojú tí ẹ̀kọ wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa hàn. Ẹ̀yìn tí kò ní ẹ̀kọ, aró á gbà á pátápátá. Nítorí náà, tí ẹ bá yí ẹlẹ́kọ padà, tí ẹ rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kàn hàn fírífírí, ẹ má pe ọlọ́jà lólè. Ojúlówó lẹ ń wò yẹn. Ẹ̀yìn funfun ni kí ẹ sá fún.

Ẹ̀yìn nìkan kò tó, torí pé àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ tẹ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ là á já. Ohun kejì tó wò ni àbùkù. Ẹyẹ wà lára aṣọ tí Bọ̀dá rà, ìrù ọ̀kan nínú wọn gé lápá òsì. Ọmọ aláró fi ìka lé e, ó fi ọwọ́ wọn aṣọ náà lọ síwájú, ó bá ẹyẹ mìíràn tí ìrù rẹ̀ gé lápá òsì. Ó tún wọn ín lọ, ìwọ̀n kan náà, ìrù tó gé níbi kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ títí yáàdì márààrún fi tán. Obìnrin tó jókòó tí ìyẹ́ adìyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gé ìrù ẹyẹ kan. Kò lè gé gbogbo wọn bákan náà. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé àwọn tó ń fi páànù tí wọ́n gé iṣẹ́ sí lára tẹ ẹ̀kọ wà ní Abẹ́òkúta níbí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Páànù náà lè máa mú àbùkù kan náà wá léraléra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé páànù sókè tó sì ń gbé e kalẹ̀, ibi tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti pàdé ìkejì, ẹ ó rí i pé wọn kò bára mu, tàbí pé ẹ̀kọ ti ṣàn kọjá àyè rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó fi omi sí áńkáṣíìfù funfun, ó fi ra aṣọ náà. Kò sí nǹkankan tó yọ. Bọ̀dá wá gbójú, wọ́n ní ṣebí ìyẹn fi hàn pé ó dára! Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún aṣọ aró. Aró a máa yọ díẹ̀ sí ọwọ́ níbẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi ìró tuntun jókòó sórí àga funfun ẹlòmíràn. Tí ó bá yọ díẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ó ń ṣàn lọ́wọ́ yín bí ẹ ṣe ń fọwọ́ kàn án, ẹni tó rẹ ẹ́ kò ṣàn án dáadáa nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ohun tó dùn mí fún Bọ̀dá ni pé ọlọ́jà náà kò purọ́ rárá. "Àdìrẹ ni" ló sọ, kò sọ pé ẹlẹ́kọ ni, kò sì sọ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló ṣe é. Bọ̀dá náà kò bèèrè. Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹlẹ́kọ ni àbí kàǹpàlà? Ta ló rẹ ẹ́?" Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ á dá yín lóhùn kíá, á tilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ ju ohun tí ẹ bi í lọ. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ o. Aṣọ ni òun náà, ó sì ń bo ìhòòhò. Ohun tí n kò gbà ni kí ẹ san owó ọwọ́ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ n yà síbì kan díẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ló rán mi létí. Ọmọ onílé wa, èyí tó ń ta fóònù, ó ní òun kò ní ra aṣọ, pé owó ni òun yóò fi ṣe òdòdó fún ọ̀rẹ́bìnrin òun. Ó ká náírà tuntun, ó fi pín-ìn-nì gún wọn mọ́ igi, ó lẹ àwọn kan mọ́ bébà. Ó rẹwà, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007, abala 21, ní ẹni tó bá ba owó náírà jẹ́ lè fẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kí ó san fáìnì tí kò dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí kí ó gba méjèèjì pọ̀. Abala yẹn kan náà ló lòdì sí kí èèyàn máa ta owó tuntun fún èèyàn. Ibo ni ọmọ wa ti rí tuntun tirẹ̀? Ọwọ́ àwọn tó ń tà á níbi ìnáwó ni! Àwọn tó rò pé òfin yìí ń sùn, ẹ rántí pé oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà láì fún un láyè fáìnì, torí pé ó fọ́n owó lóde. Tí owó bá wù yín fún olólùfẹ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, tàbí kí ẹ fi sínú àpòòwé láì gún un, láì lẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ọmọ yẹn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti ń yọjú jù." Kò burú.

Ọdún 2024 yẹn náà ni Bọ̀dá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn sanwó oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ ńlá kan fún ìyàwó wọn. Ọmọ Kátólíìkì ni ìyàwó. Fáléntáìnì sì bọ́ sí Ọjọ́rú Eérú lọ́dún náà, bó ṣe bọ́ sí i lọ́dún 2018. Ìyàwó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú eérú níwájú orí, ààwẹ̀ lẹ́nu, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran. Ọkọ nìkan ló jẹ adìyẹ méjèèjì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó sanwó oúnjẹ, pàápàá tí ààwẹ̀ Ràmádáànì náà ti ń bọ́ sí oṣù kejì láwọn ọdún yìí. Aṣọ ní tirẹ̀ kò mọ ààwẹ̀.

Ó yá, ìyá yín ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi owó ṣòfò. Ẹ ó ra lọ́fínńdà olówó iyebíye fún màmá, màmá á dúpẹ́, á fi sínú àpótí, ibẹ̀ ni yóò gbẹ sí. Ìyá Àgbà tó ń gbé ìdí ọ̀pẹ ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, mo mọ̀, torí pé àwọn ló fi hàn mí. Ọmọọmọ wọn kan ló ṣe é dáadáa. Ó jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè aṣọ tí wọ́n máa ń ró nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n ní Ìbàdàndùn. Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó wá fẹ́ ọkọ síbí. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ìbàdàndùn, ìlà ìlà ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n pín ojú aṣọ sí àpótí àpótí, nínú àpótí kan ẹ ó rí òpó gbọ̀ngàn Màpó tó dúró, tí wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn. Ẹlẹ́kọ ni, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń fa gbogbo ìlà tín-ín-rín yẹn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í yá. Ọmọ náà tètè lọ bá aláró, ó san owó sílẹ̀, ó sì ní sùúrù.

Nígbà tí aṣọ dé, ọmọ náà sáré wá bá mi, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, pé aṣọ já láàárín, wọ́n wá rán an pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Bí ìró àdìrẹ àtijọ́ ṣe rí nìyẹn! Ègé méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ kí ó lè fẹ̀ tó ìró àgbàlagbà. Ojú ìrán tó wà láàárín yẹn ni Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ pa nígbà tí wọ́n gba aṣọ náà. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ ọ́n." Wọ́n ró o lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ró o lọ sí ìsọmọlórúkọ, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi sùn.

Tí ìyá yín kì í bá ṣe ti ẹlẹ́kọ dúdú, tí ó fẹ́ kí aṣọ máa dán, kàǹpàlà tí wọ́n ṣe sórí gíní ni kí ẹ rà fún wọn. Yáàdì márùn-ún máa ń tó ìró àti bùbá. Tí màmá bá sanra, ẹ fi yáàdì kan lé e, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n ní ìwọ̀n ìbàdí, ẹ kàn rà á. Ẹ sọ fún wọn pé lílù ni wọ́n ń fi igi lu irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó fi ń dán, dídán yẹn á sì dín kù tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́. Ẹ tètè sọ ọ́, kí wọ́n má baà pè yín lórí fóònù pé ayédèrú lẹ rà.

Ní ti ọkọ, ẹ̀yin ìyàwó, yáàdì mẹ́rin ló máa ń tó bùbá àti ṣòkòtò. Tí ó bá ga tàbí tí ó ní ikùn, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ márùn-ún. Agbádá ni ẹ kò gbọdọ̀ fojú di, ó lè tó yáàdì mẹ́wàá, torí náà ẹ bi telọ rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ má fi òdòdó ńláńlá sí ọkùnrin lára tí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ ẹ. Ìlà àti igun ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Mo mọ ọ̀kan tí ìyàwó rẹ̀ ra aṣọ aláwọ̀ ẹyin tó kún fún labalábá fún. Ó ní ó dára, ó dára. Ìgbà tí wọ́n wá gé e ṣe kọ́tìnì ni mo tó mọ bó ṣe dára tó.

Ọ̀rẹ́ ló rọrùn jù, ẹ má ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Yáàdì méjì tó ṣẹ́ẹ̀tì tàbí bùbá òkè. Fìlà àdìrẹ wà, báàgì wà, àwọn aláró a sì máa ta ègé tó kù fún ẹni tó bá fẹ́ fi rán ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní níbẹ̀. Sístà nọ́ọ̀sì wa ra ṣẹ́ẹ̀tì fún ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọ̀rẹ́ lásán ni, mo fi ojú mi búra. Ṣùgbọ́n ó fi sínú ọ̀rá pupa tó ní ọkàn lára, torí pé òun nìkan ló kù lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó ọkùnrin náà ló ṣí ọ̀rá. Títí di òní olónìí, wọn kò tíì parí ìpàdé náà. Ẹ̀bùn ọ̀rẹ́, ẹ fi bébà lásán wé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ sí bébà kékeré kan, ẹ fi sínú ẹ̀bùn náà. Kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí wọ́n ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí wọ́n sá a síbòòji. Kí wọ́n má rẹ ẹ́ mọ́jú. Kí wọ́n má jẹ́ kí omi ìfọṣọ tó ń sọ nǹkan di funfun kàn án rárá, torí pé ó máa pa aró jẹ ni, ibi tó bá ti kàn kò ní padà sí bó ṣe wà. Àwọn kan á ní kí ẹ fi iyọ̀ sómi kí aró lè dì í mú. Mo bi ọmọ aláró. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń di aró mú. Bí wọ́n bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, bí ewé ló máa ń rí, á wá máa di dúdú bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, wọ́n á sì tún un rì títí yóò fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Tí wọ́n kò bá ti ṣe é dáadáa níbẹ̀, ẹ lè da àpò iyọ̀ kan sí i, ọbẹ̀ nìkan ni yóò dùn.

Bọ̀dá mẹkáníìkì? Ẹ̀ẹ̀, mo ti fẹ́ gbàgbé wọn. Ìyàwó wọn fúnra rẹ̀ ló mú wọn lọ sí Ìtòkú. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ àkọ́kọ́, Bọ̀dá kò kí ọlọ́jà, wọn kò bèèrè iye, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbá mú tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ọlọ́jà ní, "Ọkọ ọmọ wa, ẹ káàárọ̀ ná!"

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ lè gbé aṣọ síta wò nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, torí pé iná ìsọ̀ máa ń bo àbùkù. Kí ẹ sì yára. Telọ wa ti ní tí oṣù kejì bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, òun kò gba aṣọ Fáléntáìnì mọ́. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ fún yín, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n.